Ìtàn kékeré: "Àwòrán mẹ́rìnlélọ́gọ́rin". Ẹ bá mi wò ó, ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

Àjàní Akọ̀tàn, 7:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ìtàn kan ni mo ń kọ. Àbúrò mi kà á, ó ní irọ́ wà nínú ẹ̀, pé iná kì í lọ kí fọ́tò tó wà nínú mẹ́mọ́rì kààdì parẹ́. Èmi ò mọ̀. Ṣé ó lè ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́? Tí kò bá lè ṣẹlẹ̀, kí ni kí n yí padà? Ó rèé:

Àríkẹ́ wọ kafé tó wà ní Abúlé-Ọjà ní aago mẹ́rin kọjá. Ìdánwò ku ọjọ́ méjì. Nóòtì tó fẹ́ tẹ̀ jáde kì í ṣe tirẹ̀. Fọlákẹ́ ló ni ín, ẹni tó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà lọ́dún tó kọjá, tó sì ti wọkọ̀ Ìlọrin láàárọ̀, òun àti ìwé rẹ̀. Òru àná ni Àríkẹ́ jókòó lábẹ́ gílóòbù, tó ń fi fóònù yà á lójú ewé lójú ewé. Ojú ewé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin.

Ó ki kààdì bọ inú ẹ̀rọ, ó mú gbogbo fọ́tò náà pọ̀. Ìlà tútù kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú kọ̀ǹpútà. Bọ̀dá Múfú tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀pà.

Fáànù ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó rọra ń dẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé ṣókùnkùn, ẹnì kan sì pariwo láti ẹ̀yìn, "Ah, mi ò tíì séèfù!"

Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ sọ̀rọ̀, tí kọ̀ǹpútà jí, kò sí fọ́tò kankan lójú rẹ̀. Àríkẹ́ wo inú kààdì. Òfìfo ni.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí," Bọ̀dá Múfú wí. "Tíkẹ́ẹ̀tì yín ṣì ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá."

---

Ìyá Rẹ̀mí, 7:30 alẹ́

Háà, ọmọ ọlọ́mọ! Olúwa á ràn án lọ́wọ́. Ẹ sọ fún Àríkẹ́ kó pe Fọlákẹ́ ní Ìlọrin, kó bá a yà á, kó fi í ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Kí ló le níbẹ̀? Irú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èmi náà. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ mi, Rẹ̀mí fọwọ́ ara ẹ̀ pa á rẹ́ ní Sátidé, ó lóun rò pé méjì méjì ni. N ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa títí di òní.

Àjàní Akọ̀tàn, 7:34 alẹ́

Mọ̀mí, ẹ ṣé. Àròsọ ni o, kò sí Àríkẹ́ kankan. Ọdún 2012 ni mo sì fi í sí, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì ní Wásáàpù nígbà yẹn.

Ìyá Rẹ̀mí, 7:36 alẹ́

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ bíi pé ó ṣẹlẹ̀. Ti èmi kì í ṣe àròsọ ní tiẹ̀.

Dípọ̀, 7:51 alẹ́

Kò sí irọ́ nínú ìtàn yẹn. Ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá ń ṣe lọ́wọ́, inú ráàmù ló wà. Ráàmù ò sì lè rántí nǹkan kan tí iná bá ti lọ. Fọ́tò wà nínú ráàmù, iná lọ, fọ́tò bá iná lọ. Ó tán.

Kafé Àná, 8:20 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Àjàní. Mo ní kafé ní Bàríga láti 2006 sí 2013. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá, àti jẹnẹrétọ̀ kan tó bá mi ṣọ̀tá. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí mi.

Dípọ̀, ohun tí o sọ bá ẹni tó ń tẹ lẹ́tà tí kò tíì séèfù mu. Ẹni tó pariwo láti ẹ̀yìn yẹn ló ni ín. Fọ́tò Àríkẹ́ ò sí nínú ráàmù, inú kààdì ló wà. Tó bá jẹ́ Copy ló ṣe, kọ̀ǹpútà kàn ń kà á ni. Iná ì báà lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ohun tó wà nínú kààdì ò ní kúrò níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ Cut ńkọ́? Windows kì í gbé fáìlì láti kààdì sórí kọ̀ǹpútà bí ẹni gbé àga láti pálọ̀ sí yàrá. Ó máa ṣe ẹ̀dà ọ̀kan tán, yóò pa ti kààdì rẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò bọ́ sórí èkejì. Ẹ jẹ́ ká ní iná lọ nígbà tó ń ṣe ìkẹrìnlélógójì lọ́wọ́. Mẹ́tàlélógójì ti dé orí kọ̀ǹpútà, mọ́kànlélógójì ṣì wà nínú kààdì. Ọ̀kan tàbí méjì tó dé gbẹ̀yìn lè bàjẹ́, torí kọ̀ǹpútà lè má tíì kọ wọ́n délẹ̀ tán. Ibẹ̀ yẹn ni ráàmù Dípọ̀ ti wọlé. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ parẹ́ níbi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà? Rárá. Àbúrò ẹ gbà á.

Má tíì fa ìtàn náà ya ṣá. Mo mọ bó ṣe lè ṣẹlẹ̀, torí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n sì bú mi fún un. Deep Freeze ni.

Kafé wo ni kò ní in nígbà yẹn? Fúláàṣì tí oníbàárà ń kó wá kún fún kòkòrò. Láàárọ̀ o máa tún ẹ̀rọ ṣe, tó bá di ọ̀sán ó ti tún dàrú. Torí náà, wàá ṣètò kọ̀ǹpútà bó ṣe wù ẹ́, wàá wá fi Deep Freeze dì í. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí oníbàárà bá gbé sórí ẹ̀ dà bí ohun tí a fi ṣọ́ọ̀kì kọ sórí gíláàsì tó bo tábìlì. Á rí i, á ṣí i, á tẹ̀ ẹ́ jáde, kò ní fura rárá. Ìgbà tí ẹ̀rọ bá kú tó sì tún jí, ẹnì kan ti nu gíláàsì yẹn. Tábìlì abẹ́ ẹ̀ ò mọ nǹkan kan.

Béèyàn ṣe lè mọ̀ ni pé béárì funfun kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí X pupa bá ń ṣẹ́jú lórí béárì náà, a ti tú u nìyẹn. Bí kò bá sí X, dídì ló wà. Èmi máa ń fi D sílẹ̀ láìdì, mo sì lẹ bébà mọ́ iwájú gbogbo ẹ̀rọ: Ẹ SÉÈFÙ SÍ D. Ta ló ń kà á? Dẹ́sítọ́ọ̀pù ni gbogbo ayé ń ju nǹkan sí.

Nítorí náà, jẹ́ kí Àríkẹ́ Cut gbogbo ẹ̀ sórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, kó parí pátápátá kí iná tó lọ. Kààdì á ṣófo, lọ́nà tó tọ́. Kó máa to fọ́tò sójú ìwé tó fẹ́ tẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn ni kí iná lọ. Ẹ̀rọ á jí pẹ̀lú ojú fífọ̀.

Ìbídùn, 8:41 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun, ó yé mi. Ṣùgbọ́n yùpíẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Kafé gbogbo ló ní.

Kafé Àná, 8:47 alẹ́

Wọ́n ní, lóòótọ́. Ooru ilé wa àti iná tó ń lọ tó ń bọ̀ máa ń pa bátìrì ẹ̀. Tó bá fi máa lo ọdún kan sí méjì, ohun tó kù nínú ẹ̀ kò ju kó ké píì píì, kí n rí àyè pariwo "Ẹ séèfù o!" Lẹ́yìn náà ó ti kú. Bátìrì tuntun sì wọ́n ju dísù ọjọ́ mélòó kan lọ, ẹ má bínú.

Àjàní lè lo píì píì yẹn. Ọmọbìnrin náà á gbọ́ ọ, á yára tẹ Save, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀. Orí gíláàsì ló séèfù sí.

Ìbídùn, 9:02 alẹ́

Ìyẹn dùn. Ohun tí kò wọ̀ mí létí ni Cut. Ẹni tí ẹ̀rù ìdánwò ń bà, tó fi gbogbo òru ya fọ́tò, kí ló dé tí yóò fi kó wọn kúrò nínú kààdì ara ẹ̀? Àjàní, ẹ ní láti fún un nídìí. Mo rò ó báyìí: kí kààdì rẹ̀ kún. Kààdì 2 GB, orin àti fíìmù ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Fóònù ti sọ fún un lóru pé kò sí àyè mọ́. Ó wá fẹ́ kó fọ́tò kúrò kó lè rí àyè ya ìyókù. Èèyàn á kó nóòtì kúrò torí orin, ẹ gbà mí gbọ́. Èmi náà ti ṣe é.

Ọmọ Ọ̀tígbà, 9:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìbídùn, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ṣe fún ìtàn yìí pẹ̀lú kààdì tó kún. Iṣẹ́ mi ni, mo ń bá wọn wá nǹkan tó sọnù ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, Ìkẹjà.

Bí Kafé Àná ṣe sọ ọ́, orí kọ̀ǹpútà ló ti parẹ́. Nínú kààdì kò tíì parẹ́ o. Bí ẹ bá pa fáìlì rẹ́ nínú irú kààdì yẹn, orúkọ ẹ̀ nìkan ni wọ́n fagi lé nínú àkọsílẹ̀ tó wà níwájú, wọ́n á wá kọ ọ́ pé àyè ibẹ̀ ti ṣí. Àwòrán fúnra ẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀. Bí onílé tó ti yọ orúkọ ayálégbé kúrò nínú ìwé, ayálégbé ò tíì kó ẹrù jáde. Ó di ìgbà tí ẹlòmíì bá wọlé.

Èmi máa ń lo PhotoRec, ọ̀fẹ́ ni. Kò wo àkọsílẹ̀ orúkọ rárá. Ó kàn ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ kààdì dé òpin, ó ń wá ibi tí fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo fọ́tò JPEG ló ní àmì kan náà lórí: FF D8 FF. Ó máa ń rí wọn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ti lọ, nọ́ńbà ló máa fún wọn. Òfin ibẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹ má kọ nǹkan kan sórí kààdì náà mọ́, ẹ má sì jẹ́ kó kó ohun tó bá rí padà sínú kààdì kan náà.

Nísinsìnyí, ibi tí kààdì kíkún ti wọlé. Kí Àríkẹ́ jáde ní kafé pẹ̀lú omijé, kó lọ bá ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan, kó ya nóòtì tìyẹn sórí kààdì kan náà. Tí kààdì bá ní àyè púpọ̀, fọ́tò tuntun lè lọ jókòó síbòmíì, ti àtijọ́ á yè é. Ṣùgbọ́n kààdì ti kún! Àyè kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni ibi tí fọ́tò àná jókòó sí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ni yóò fi pa á.

Mo ti rí i tó pọ̀. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi oníbàárà ni, "Lẹ́yìn tó parẹ́, kí lẹ ti yà?" Wọ́n á ní kò ju díẹ̀ lọ.

Ìyá Rẹ̀mí, 9:38 alẹ́

Ọmọ mi, ó dáa tí o wà níbí. Ṣé ìwọ lè bá mi rí ti ìsọmọlórúkọ?

Ọmọ Ọ̀tígbà, 9:41 alẹ́

Mọ̀mí, inú kààdì ni àbí inú fóònù fúnra ẹ̀?

Ìyá Rẹ̀mí, 9:44 alẹ́

Fóònù tí Rẹ̀mí rà fún mi lọ́dún tó kọjá yìí kò ní ojú ibi tí wọ́n ń ki kààdì sí.

Ọmọ Ọ̀tígbà, 9:52 alẹ́

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sọ fún Àjàní ò ní ràn yín lọ́wọ́. Fóònù tuntun máa ń ti ohun tó wà nínú ẹ̀ pa bí ẹni tilẹ̀kùn, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ pátápátá, ó nu ún dànù ni. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá lóun máa bá yín wá a. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ibi tí fọ́tò wà, ẹ wá Trash tàbí Bin. Ó sábà máa ń tọ́jú wọn fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó dà wọ́n nù. Sátidé ò tíì jìnnà.

Dípọ̀, 10:05 alẹ́

Mo gbà lórí ráàmù. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan: bí orúkọ nìkan bá ń kúrò nínú kààdì, ṣé bákan náà kọ́ ni kọ̀ǹpútà kafé? Ṣé fọ́tò tó wà lórí gíláàsì yẹn ò sí lórí dísíìkì níbì kan? Kí Àríkẹ́ bẹ Bọ̀dá Múfú kó jẹ́ kí wọ́n fi PhotoRec wá inú kọ̀ǹpútà.

Kafé Àná, 10:14 alẹ́

Kò burú. Lóòótọ́, Deep Freeze kì í jó nǹkan níná. Àyè tó ṣí sílẹ̀ lórí dísíìkì ló ń kọ ọ́ sí, tí ẹ̀rọ bá tún jí ó kàn gbàgbé ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oníbàárà mìíràn ti jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn kí jẹnẹrétọ̀ tó gbóná. Èmi ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù mi, torí ohun tí wọ́n máa hú jáde kì í ṣe tiyín nìkan.

Ọmọ Ọ̀tígbà, 10:20 alẹ́

Èmi ti rí díẹ̀ hú jáde nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan.

Kafé Àná, 10:22 alẹ́

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni o máa fi purọ́ fún gbogbo Ìkẹjà.

Ìyá Rẹ̀mí, 10:40 alẹ́

Mo rí i! Mẹ́sàn-án wà nínú Bin. Ti ìgbà tí wọ́n ń fi oyin kan ẹnu ọmọ ò sí níbẹ̀. Rẹ̀mí lóun ò mọ̀. Màá máa wá a.

Àjàní Akọ̀tàn, 11:58 alẹ́

Mo ti tún apá ìkẹyìn kọ. Kààdì kíkún àti Cut ti wọ òkè. Láti ibi tí yùpíẹ́ẹ̀sì ti ké nìyí:

Píì. Píì. Àríkẹ́ tẹ Save kí ẹ̀kẹta tó dún, ó sì mí kanlẹ̀. Òun ti séèfù.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Béárì funfun kékeré kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Lókè ẹ̀rọ, bébà kan tí eruku ti bò ní kí wọ́n séèfù sí D.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dé ọ̀dọ̀ Sàídì ní Ìwáyà. Ìwé Sàídì ò pé, ṣùgbọ́n ìwé ni. Ó ya gbogbo ọgbọ̀n ojú ewé tó wà níbẹ̀.

Ní Ìkẹjà lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin tó gba kààdì lọ́wọ́ rẹ̀ bi í pé, "Lẹ́yìn tó parẹ́, kí lẹ ti yà?"

"Kò pọ̀. Ọgbọ̀n péré."

Ọmọkùnrin náà ò fèsì. Ó ki kààdì bọnú ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n fún un ní ìjókòó.

Mọ́kànléláàádọ́ta ló pé. Mẹ́fà ṣí dé ìdajì. Àwọn yòókù, ìwé Sàídì ló jókòó síbi tí wọ́n wà.

Nínú bọ́ọ̀sì Yábàá, ó ń ṣí àwọn onídajì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ẹ̀kẹrin, ọwọ́ Fọlákẹ́ hàn kedere: *Ohun mẹ́ta ló sọ Èkó di èbúté ńlá*, ó sì ti fàlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Láti ibẹ̀ wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé, àwọ̀ eérú ni.

Ìbídùn, 12:09 òru

Ẹ dá ìṣẹ́jú mọ́kànlá Bọ̀dá Múfú padà. Kí ló ṣẹ yín tí ẹ fi yọ ọ́?

Àjàní Akọ̀tàn, 12:11 òru

Mo rò pé ìtàn náà ti wúwo tó. Màá dá a padà lọ́la, iná wa ti ń ṣẹ́jú.